Bí “ara mi ò yá” ṣe ń di ìwé tó ṣeé fi sí fáìlì

“Àǹtí, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò yá láti alẹ́ àná, ó jọ pé ibà ni. Mò ń múra ọsibítù lọ báyìí. Mi ò ní lè wá lónìí, bóyá ọ̀la náà. Ọmọ náà ò tiẹ̀ sùn. Ẹ bá mi sọ fún Dádì, kí wọ́n má bínú.”

Irú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wọ́tsáàpù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kí èèyàn, ó sọ ohun tó ń ṣe é, ó sì bẹ ọ̀gá. Ẹni tó bá kà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn yóò mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ló wúlò fún. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwèé bó ṣe wà, tí ẹ fi sínú fáìlì, tí ẹlòmíràn sì ṣí fáìlì náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò ní rí ohun tí yóò dì mú. “Àná” wo? “Ọ̀la” wo? Ta ni Àǹtí? Ta ni Dádì? Ṣé òṣìṣẹ́ ló ń ṣàìsàn ni àbí ọmọ rẹ̀?

Iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ni láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìwé ìfitónilétí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ ni kí èèyàn yọ “okun o” kúrò, kó wá fi gírámà ńlá rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn àti ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀”, tó kún ojú ìwé kan, tí kò sì sí déètì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sàn ju Wọ́tsáàpù lọ. Wọ́tsáàpù tiẹ̀ sàn jù ú, torí aago wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ní Kàbà ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju bí ọgbọ̀n lọ. Obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ òkè yìí ló ń ka owó, tó sì ń ka búrẹ́dì fún àwọn tó ń gbé e lọ sí Ìyàrà, Mopà àti Ìsánlú. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà wọlé ní aago 6:52 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án 2025. Kíláàkì tó ń tọ́jú fáìlì ló gbà á. “Dádì” ni ẹni tó ni ilé búrẹ́dì.

Kí kíláàkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun, ó yẹ kó mọ ẹni tí yóò ka ìwé náà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ṣírò owó oṣù: ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá, àti bóyá owó ọjọ́ wọ̀nyẹn yóò wọlé tàbí kò ní wọlé. Ẹni kejì ni mánéjà: ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò padà. Ẹni kẹta kò tíì sí níbẹ̀. Òun ni ẹni tí yóò ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ tí èdèàiyedè bá ṣẹlẹ̀, tí ọ̀gá bá sọ pé obìnrin yìí kì í wá sẹ́nu iṣẹ́, tí obìnrin náà sì sọ pé òun máa ń sọ nígbà gbogbo. Ẹni kẹta yìí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé búrẹ́dì náà. Òun ni mo máa ń rò lọ́kàn bí mo bá ń kọ tèmi.

Òfin kan wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Abala 16 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Lébọ̀ Áàkìtì, sọ pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 nínú ọdún kan, bó bá jẹ́ pé àìsàn ránpẹ́ ni kò jẹ́ kó wá, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i. Ohun mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn yẹn tó ń darí bí a ṣe ń kọ ìwé. Ọjọ́ iṣẹ́ là ń kà, kì í ṣe gbogbo ọjọ́. Inú ọdún kan, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, là ń kà á sí. Ìwé dókítà ló sì gbé ẹ̀tọ́ náà ró. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn kíláàkì ni òfin yìí wà fún. Àwọn tó wà nípò àkóso tàbí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀lé ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní òfin tiwọn pẹ̀lú. Nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 42 nínú oṣù méjìlá ni òṣìṣẹ́ tí wọn kò dá dúró sí ọsibítù lè fi sinmi nítorí àìsàn, kí wọ́n tó ní kó lọ fojú kan ìgbìmọ̀ àwọn dókítà. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń kà níbẹ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tí a ń kà nílé búrẹ́dì kò bá ohun tí wọ́n ń kà ní sẹkitéríàtì ní Lọ́kọ́jà mu. Fún ìdí yìí, ìwé tó sọ pé “ó gba ọjọ́ mẹ́ta”, tí kò sì dárúkọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, ká yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ló kọ́kọ́ wá. Kò sí “Ìyá Ìbejì” nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an, ni yóò wà lórí ìwé ìfitónilétí, pẹ̀lú nọ́ńbà òṣìṣẹ́ bó bá ní in. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìyá Ìbejì lè tó mẹ́ta nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, àwọn tí orúkọ bàbá wọn sì jọra kò lóǹkà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́. “Láti alẹ́ àná” di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹsàn-án. “Lónìí” di ọjọ́ Ajé, 29. “Bóyá ọ̀la náà” di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30, ṣùgbọ́n “bóyá” rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wọ inú ìwé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kíláàkì ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ gba ọjọ́ méjì. Kò gbà á. Ó ní bóyá. Bó bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fáìlì ti parọ́ mọ́ ọn. Bí kò bá sì wá fún ọjọ́ mẹ́rin, fáìlì á sọ pé ó kọjá ọjọ́ tí ó tọrọ, bẹ́ẹ̀ kò tọrọ ọjọ́ kankan.

“Mò ń múra ọsibítù lọ” náà gbẹgẹ́. Ẹni tó ń múra lọ kò tíì dé ibẹ̀. A kò lè kọ ọ́ pé “ó ti lọ rí dókítà”, bó ti wù kí ó dà bíi pé ó ti lọ ní àkókò tí à ń kọ ìwé. Ohun tó sọ nìkan ni ká kọ, ká sì fi hàn pé òun ló sọ ọ́. Èyí ló fà á tí “ó ní” àti “ó fi tó wa létí” fi pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé a ń fura sí i. Ohun tí òṣìṣẹ́ sọ yàtọ̀ sí ohun tí ọ́fíìsì fojú ara rẹ̀ rí, fáìlì sì gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

“Ó jọ pé ibà ni” kò ní wọ inú ìwé rárá. Kò tíì ṣe àyẹ̀wò, òun fúnra rẹ̀ sì ní “ó jọ pé”. Ìdí mìíràn tún wà tí a ó dé láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò sùn náà yóò dúró sí orí fóònù, torí kò sọ pé nítorí ọmọ lòun kò fi ní wá. Ti “kí wọ́n má bínú”, ẹ sọ ọ́ fún Dádì lẹ́nu.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìwé ọjọ́ Ajé á rí báyìí:

Sí Mánéjà. Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án 2025.
Ìfitónilétí àìwá sẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìsàn.
Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìtajà, (orúkọ ní kíkún àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́), fi tó ọ́fíìsì létí lórí Wọ́tsáàpù ní aago 6:52 àárọ̀ òní pé ara òun kò yá láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹsàn-án, àti pé òun kò ní lè wá sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun má lè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú. Ó ní òun ń lọ sí ilé ìwòsàn. Kò tíì sọ ọjọ́ tí òun yóò padà. Ìwé dókítà kò tíì dé ọ́fíìsì.
Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà: (orúkọ kíláàkì àti ìbuwọ́lùwé).

Ìwé kékeré ni. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn méjì nínú rẹ̀ ń sọ ohun tí kò tíì sí: ọjọ́ ìpadà kò tíì sí, ìwé dókítà kò tíì sí. Ó máa ń ṣe àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí bíi pé kí wọ́n fo irú àyè bẹ́ẹ̀, kí ìwé lè dùn ún kà. Ṣùgbọ́n àyè tí a fò kò sọ bóyá a béèrè tàbí a gbàgbé. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò síbi tí ìwé náà ti sọ pé wọ́n fún un láyè. Ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Kíláàkì tó bá kọ ọ́ pé “a fún un ní ìsinmi ọjọ́ méjì” ti gba iṣẹ́ mánéjà ṣe, ilé iṣẹ́ sì lè rí i pé ìwé tiwọn fúnra wọn ló ń ta kò wọ́n lọ́la.

Kí ìwé náà tó wọ fáìlì, kíláàkì á fi í ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì pé, “Okun o, Ìyá Ìbejì. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí i?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, a kàn bá a wọ̀ ọ́ láṣọ ọ́fíìsì ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:40, ọ̀rọ̀ kejì wọlé: “Àǹtí, dókítà ní kí n sinmi ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé ẹ nìyí.” Àwòrán ẹ̀skúùsì dúútì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ọ̀rọ̀ dókítà tí a ò lè kà tán, sítáńpù ilé ìwòsàn, ọjọ́ 3, àti déètì 29/9/2025.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọjọ́ mẹ́ta láti ìgbà wo? Bí dókítà kò bá kọ ọjọ́ mìíràn tí ìsinmi yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó buwọ́ lu ìwé ni ọjọ́ kìíní. Ó buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ajé, nítorí náà Ajé ni ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta. Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá, ni kó padà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í kà á bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ọjọ́ tí èèyàn fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ọsibítù kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi; ọjọ́ kejì ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí Ìyá Ìbejì bá kà á báyẹn, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni tirẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni yóò sì dé. Kò purọ́, kò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọjọ́rú náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. 1 oṣù Kẹwàá ni, àyájọ́ òmìnira, ọlidé ni, ilé búrẹ́dì náà sì tì. Ìwé dókítà bo ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Nítorí náà ìwé dókítà sọ pé 3, àmọ́ 2 péré ni a ó yọ kúrò nínú 12 tí òfin fún un. Ẹni tó bá yọ 3 ti gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i àfi lọ́jọ́ tí ọjọ́ 12 bá ku ẹyọ kan. Bí ilé iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí kì í tì ní ọlidé, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìṣirò yí padà. Nítorí èyí ló ṣe yẹ kí kíláàkì máa wo rósítà kó tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

A kì í fa ìwé ọjọ́ Ajé ya, a kì í sì í tún un kọ. Àfikún là ń kọ sí i:

Àfikún sí ìfitónilétí ti 29 oṣù Kẹsàn-án 2025.
Ní aago 7:40 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Kẹsàn-án, òṣìṣẹ́ náà fi àwòrán ìwé ẹ̀skúùsì dúútì ránṣẹ́. Dókítà ilé ìwòsàn (orúkọ ilé ìwòsàn) ló buwọ́ lù ú ní 29 oṣù Kẹsàn-án, fún ìsinmi ọjọ́ 3. Àwọn ọjọ́ tí ìwé náà bò: 29 àti 30 oṣù Kẹsàn-án, àti 1 oṣù Kẹwàá tí í ṣe ọlidé. Ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀: 2. Ọjọ́ ìpadà sẹ́nu iṣẹ́: Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá 2025. Ojúlówó ìwé náà kò tíì dé ọ́fíìsì.

Ẹ wò ó pé mo kọ ọjọ́ tó kẹ́yìn àti ọjọ́ ìpadà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. “Ó wà nínú ìsinmi dé Ọjọ́bọ̀” jẹ́ gbólóhùn tí mi ò lè fara mọ́ láéláé. Ṣé yóò sinmi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni, àbí yóò wá? Èèyàn méjì á kà á sí ọ̀nà méjì, wọ́n á sì jọ jàre. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú ìwé, kò sí ẹni tí yóò ṣi ìwé kà. Àfikún yìí náà yóò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, torí òun gan-an ló nílò ọjọ́ ìpadà jù.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yọrí sí, ọ̀rọ̀ ìwé fúnra rẹ̀. Òfin sọ pé dókítà tó forúkọ sílẹ̀. Ní apá Bùnú, àti ní àwọn ìletò tó jìnnà sí títì ní Yàgbà, dókítà kì í sí nítòsí. Kẹ́míìsì ló wà, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ní ibùdó ìlera. Òṣìṣẹ́ lè mú ìwé pélébé wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbà á, ẹ fi sí fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀: “ìwé láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ní ibùdó ìlera”, tàbí “rìsíìtì oògùn láti kẹ́míìsì”. Ẹ má sọ ọ́ di “ìwé dókítà” kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Ilé iṣẹ́ lè pinnu pé àwọn yóò san owó ọjọ́ náà lórí ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó láàánú sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìpinnu tiwọn. Rìsíìtì kẹ́míìsì kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó sọ kò ju pé ó ra oògùn lọ.

Ìdí kejì tí ibà kò fi wọ inú ìwé rèé. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ara ìròyìn tó gbẹgẹ́, tí a kò gbọ́dọ̀ máa gbé kiri bó ṣe wù wá. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù kò nílò orúkọ àìsàn. Mánéjà kò nílò rẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò dúró nídìí owó. Ohun tí wọ́n nílò ni pé dókítà ní kí ó sinmi, àti ọjọ́ tó ní kó sinmi. Fún ìdí yìí, ìwé ìfitónilétí á lọ sínú fáìlì tí gbogbo ẹni tó nídìí iṣẹ́ lè ṣí. Ẹ̀skúùsì dúútì tí orúkọ àìsàn bá wà lára rẹ̀ á wọ inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, tí yóò wà lọ́dọ̀ ẹni kan ṣoṣo. Ìlú wa kò tóbi. Èyí tí wọ́n bá kà nínú fáìlì ní Kàbà láàárọ̀ lè ti dé Ìyàrà kó tó di ìrọ̀lẹ́, pàápàá bí àìsàn náà bá jẹ́ irú èyí tí àwọn obìnrin kì í sọ níta. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àìsàn fi ń jẹ́ “ibà” lórí Wọ́tsáàpù wọn. Bí wọ́n bá rí i pé a kì í kọ orúkọ àìsàn, wọn kò ní nílò láti máa pe ohun tí kì í ṣe ibà ní ibà.

Ká ní ohun tó kọ ni “Àǹtí, ọmọ mi ò gbádùn, mo wà lọ́sibítù pẹ̀lú rẹ̀” ńkọ́? Ìwé mìíràn pátápátá nìyẹn. Àìsàn òṣìṣẹ́ ni abala 16 ń sọ, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Bí kíláàkì bá fi àánú kọ ọ́ sábẹ́ ìsinmi àìsàn, yóò jẹ ọjọ́ 12 tí obìnrin náà lè nílò fún ara rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Orí ìwé rẹ̀ á jẹ́ “àìwá sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìtọ́jú ọmọ”, mánéjà ni yóò sì sọ bóyá lífù ọdọọdún ni yóò yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ tàbí yóò fún un láyè lọ́nà mìíràn. Bákan náà ni fún ẹni tó ń lọ sìnkú. Bó bá ṣòro láti mọ èwo ni, torí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dàpọ̀ bíi ti Ìyá Ìbejì, ẹ bi í léèrè kan ṣoṣo: “Ta ni ara rẹ̀ ò yá?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ìwé tí a kọ kò rọ́pò rẹ̀. Lórí rẹ̀ ni a ti fà á yọ, òun sì ni ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ a máa ya àwòrán ojú fóònù, wọn á tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó parí. Ẹ wo òkè àwòrán yẹn dáadáa. Bí ẹ bá yà á lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wọlé, ohun tí Wọ́tsáàpù máa ń kọ sí òkè ọ̀rọ̀ ni “Today”. Bó bá di ọjọ́ kejì, “Yesterday” ni. Aago wà, déètì kò sí. Nítorí náà ẹ fi bírò kọ déètì sára ìwé tí ẹ tẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú, tàbí kí ẹ dúró títí déètì gidi yóò fi hàn kí ẹ tó ya á. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró pẹ́ jù: àwọn kan ti tẹ ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Bó bá jẹ́ pé ohùn ló fi ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ọ́fíìsì ń lò. Bó bá sì jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló pè, orúkọ ọkọ àti nọ́ńbà tó fi pè yóò wà nínú ìwé: “ọkọ rẹ̀ fi tó ọ́fíìsì létí pé”, kì í ṣe “òṣìṣẹ́ fi tó ọ́fíìsì létí pé”.

Ó di Ọjọ́bọ̀. Ìyá Ìbejì kò wá. Ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá ti ń lọ, àmì kan ṣoṣo ló sì wà lára àfikún tí kíláàkì fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kẹwàá, ó dé ní aago 6:55 àárọ̀, ojúlówó ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni dókítà fún òun, òun kò sì fi ọjọ́ kan lé e.

Ìwé dókítà kò bo Ọjọ́bọ̀. Ohun tí kíláàkì kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó bá a ṣàánú nínú ìwé, kó kọ ọ́ pé ọjọ́ 4 ni ìsinmi, tàbí kó fi àmì sí rẹ́jísítà pé ó wá. Kò sì gbọ́dọ̀ ní kó padà lọ bẹ dókítà kó yí 3 padà sí 4. Dókítà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìtún yẹ̀ ẹ́ wò ń kọ ohun tí kò rí, ojú ibi tí a ti fi bírò lọ̀ nọ́ńbà pọ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ kọ “ó sá fún iṣẹ́” sílẹ̀, torí ẹjọ́ ni ìyẹn, ẹnì kan kò sì tíì dá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni yóò kọ:

Ìparí àkọsílẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní aago 6:55 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kẹwàá 2025, ó sì mú ojúlówó ìwé dókítà wá. Ìsinmi àìsàn tí ìwé dókítà bò: ọjọ́ iṣẹ́ 2 (29 àti 30 oṣù Kẹsàn-án). Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá: kò wá, ìwé dókítà kò bò ó. Àlàyé òṣìṣẹ́: ó ní ọjọ́ kejì ìwé ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́ta náà. Àfikún tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ ní 30 oṣù Kẹsàn-án kò tíì dé orí fóònù rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀. Ó kù sọ́wọ́ mánéjà láti pinnu bí a ó ṣe ka ọjọ́ náà.

Mánéjà ní ọ̀nà bíi mélòó kan. Ó lè yọ ọjọ́ náà kúrò nínú lífù ọdọọdún rẹ̀, bí obìnrin náà bá gbà. Abala 18 nínú òfin kan náà fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún kan láìdáwọ́dúró ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 tí a ó sanwó rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n má sanwó ọjọ́ náà. Ó sì lè gbójú fò ó, nítorí àlàyé rẹ̀ bọ́gbọ́n mu àti nítorí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò. Èyíkéyìí tó bá mú, ìlà kan ni yóò fi parí rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà, pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lùwé, kí ẹni tó ń ṣírò owó oṣù Kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ méjì ti oṣù Kẹsàn-án ti wà nínú owó oṣù tó kọjá. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló bọ́ sí oṣù tuntun.